Ọwọ́ Mi Ni, Orúkọ Wọn Ni

Bí ẹ bá dúró ní ojú Warehouse Road l'Ápápá láàárọ̀, ẹ ó rí iṣẹ́ mi kí ẹ tó rí ibi tí ẹ máa gbà sọdá. Tírélà tí wọ́n fi lẹ́tà funfun ńlá kọ orúkọ sí lára, tí ẹ lè kà láti òdìkejì títì, èmi ni mo ṣe é. Ẹyẹ tó na ìyẹ́ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ àwọn tó ń kó ìyẹ̀fun, èmi ni. Pátákó tó ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n dé fìlà ààbò kí wọ́n tó wọ ọgbà, èmi náà ni. Kò sí orúkọ mi lára ìkankan nínú wọn. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni wọ́n níbí náà, nítorí mo fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní sọ ọ́, èmi kì í sì í fọwọ́ sí nǹkan kí n tún yí i padà.

Mi ò kàwé púpọ̀. Mo parí ìwé mẹ́fà l'Ajégúnlẹ̀, bàbá mi tó ń gbé ẹrù ní èbúté sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣépè fún un. Èmi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Boundary, mo ń sanwó fún ọmọ tó ń tẹ̀wé kó jẹ́ kí n jókòó ti òun. Kò pé ọdún kan tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń kọ́ ọ. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí n rẹ ara mi sílẹ̀ nínú ìwé tí èmi fúnra mi kọ, kó lọ kọ tiẹ̀.

Ẹ wo ara kọ̀ntéńà dáadáa. Kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní òkè, ó ní kòtò, bíi páànù tí wọ́n fi ń kan òrùlé. Bí ẹ bá gbé lẹ́tà lé e bí ẹ ṣe ń gbé e lé bébà, ẹni tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ máa rí i pé kòtò ti gbé ìdajì rẹ̀ mì. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà nípọn sí i, kó sì bọ́ sórí òkè ibi tí ojú máa kọ́kọ́ bà. Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, láyé tí mò ń kun ọ̀dà nínú oòrùn. Nígbà tí mo gbé ìmọ̀ yẹn wọ inú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó tún lè bá mi du ipò l'Ápápá.

Iṣẹ́ yẹn ló mú obìnrin kan tí mo wá ń pè ní màdáàmù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá, bàtà gíga rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Mo dàgbà ju obìnrin náà lọ dáadáa. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó ńlá kan tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tiẹ̀ sílẹ̀ ni, yàrá méjì lókè ilé kan ní Warehouse Road. Ìpolówó ló ń ṣe fún àwọn tó ń kó ẹrù: lógò, ara ọkọ̀, kàlẹ́ńdà, ìwé tí wọ́n fi ń júwe ilé-iṣẹ́ wọn. Kò ní ẹni tó máa yà á.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni màá máa wá iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ló máa wà lórí ẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ara wa.”

Kò ṣàjèjì sí mi. Mo mọ àwọn télọ̀ l'Ajégúnlẹ̀ tó ń rán aṣọ fún ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, tí wọ́n á sì lẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọrùn aṣọ. Aláṣọ á wọ̀ ọ́ lọ òde, kò ní mọ̀ pé ìdí ọjà Boundary ni wọ́n ti rán an. Irú iṣẹ́ yẹn ni. Màdáàmù mú ìwé àdéhùn wá, ìyàwó mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bá mi kà á. Ìwé náà sọ pé bí wọ́n bá ti sanwó iṣẹ́, iṣẹ́ ti di ti oníbàárà. Mi ò gbọdọ̀ gbé e sórí wọ́sáàpù tàbí ibikíbi kí n ní èmi ni mo ṣe é. Mi ò sì gbọdọ̀ kọjá lára màdáàmù lọ bá oníbàárà rẹ̀ fúnra mi. Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Owó yín kò lè tó ti ẹni tó ń bá oníbàárà wí ojúkojú, kò sì sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin ò ní wá oníbàárà. Ẹ ò ní wọ táì lọ jókòó sínú ìpàdé tí wọ́n á fi wákàtí méjì jiyàn lórí àwọ̀ búlúù. Ẹ ò ní máa lé gbèsè kiri. Ẹ ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín, iṣẹ́ á wọlé lórí fóònù, ẹ ó ṣe é, ẹ ó fi ránṣẹ́, ó parí. Ẹni tó ń ru ìyókù ló máa jẹ ìyókù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó yẹ kí n béèrè tí mi ò béèrè ni pé báwo ni ìyókù náà ṣe tó.

Ìgbà kan wà tí oníbàárà kan fẹ́ kí wọ́n wọn àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀, màdáàmù sì mú mi dání. Ó fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí láyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ máníjà níbẹ̀ wo àwòrán tí mo yà, inú rẹ̀ dùn, ó kọjú sí màdáàmù, ó ní kó bá òun kí ọmọ tó wà ní yàrá iṣẹ́ wọn, pé ọmọ yẹn máa dé ibi gíga. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń di okùn ìwọ̀n, ewú ti ń yọ lágbárí mi. Mo kàn húkọ́ ni. Nígbà tá a wọ kẹ̀kẹ́, màdáàmù ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Wọ́n ti sọ yín di ọmọdé l'Ápápá.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún wù mí, nítorí ẹni tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n ń yìn yẹn, irọ́ kì í sì í sí nínú irú ìyìn bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ló nira jù. Káàdì ìgbéyàwó àti àwòrán ìsìnkú ni wọ́n ń rí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n rò pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Awakọ̀ tírélà kan wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi nígbà tí wọn ò bá tíì pè é wọ èbúté. Lọ́jọ́ kan mo wò ó tó ń fi tírélà rẹ̀ yangàn, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo ní èmi ni mo ya ohun tó wà lára rẹ̀. Ó wo mí, ó gbójú sókè wo pátákó ṣọ́ọ̀bù mi tí òjò ti fọ ọ̀dà rẹ̀ dànù, ó ní, “Ọ̀gá, if na you draw my trailer, wetin do your own signboard?” Gbogbo bẹ́ǹṣì ló bú sẹ́rìn-ín. Àyè ò sí fún mi láti kun pátákó nígbà yẹn, iṣẹ́ màdáàmù ti pọ̀ jù.

Nítorí ó pọ̀ lóòótọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn náà ń fún mi níṣẹ́ lọ́nà kan náà. Bí ti màdáàmù ṣe ń pọ̀ sí i ni mo ń ti tiwọn sẹ́yìn, títí mo fi sọ fún èkejì pé kó wá ẹlòmíràn, ọwọ́ mi dí. Mo fi ìgbéraga sọ ọ́, kí n má parọ́. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, “Dádì, oníbàárà kan ṣoṣo lẹ ní báyìí. Tí obìnrin yẹn bá jí tó ní òun ò ṣe mọ́, kí la máa jẹ?” Mo ní òun ló gbára lé mi, kì í ṣe èmi ni mo gbára lé e. Ta ló tún fẹ́ rí tó máa ya kọ̀ntéńà bíi tèmi?

Òótọ́ ni mo sọ. Ìdajì òótọ́ náà ni mo sọ.

Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò pè kó tó wá. Mo ra móòtì tútù fún un, kò ṣí i. Ó ní ọkọ òun ti ríṣẹ́ sí òkè òkun, ìwé wọn ti jáde, òun àtàwọn ọmọ ń lọ. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ńlá kan ní Ìsálẹ̀ Èkó máa gba àwọn oníbàárà òun. Ó wá wolẹ̀, ó ní àwọn yẹn ní àwọn tó ń yàwòrán fún wọn, pé iṣẹ́ òun pẹ̀lú mi parí bí oṣù bá ti parí.

Mo ní, “Ẹ kú oríire, màdáàmù. Olúwa á ṣamọ̀nà.” Mo béèrè àwọn ọmọ. Mi ò béèrè ohun kan fún ara mi. Bóyá ó ń retí kí n béèrè, nítorí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Mo sìn ín dé ibi kẹ̀kẹ́, mo padà wọlé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó kún fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, mo wá rí i pé kò sí ọ̀kan tí mo lè fi han ẹnikẹ́ni.

Àsìkò láti san owó ilé àti owó ṣọ́ọ̀bù ń sún mọ́lé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dára jù, mo lọ wáṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan wà lókè ilé kan l'Ápápá, ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ọmọlúàbí ló gbà mí lálejò. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí àwọn iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe.” Gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù mi lápò. Ọwọ́ mi dé ibẹ̀, mo rántí ìwé tí mo fọwọ́ sí, mo sì fa ọwọ́ mi jáde. Mo kàn mú un lọ sójú fèrèsé. Tírélà kan ń kọjá. Mo ní kó wò ó.

Ó wò ó. Ó ní, “Bàbá, gbogbo ẹni tó bá wá síbí ló ṣe ọkọ̀ yẹn. Ẹni mẹ́ta ló ti ṣe é lóṣù yìí.”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó tiẹ̀ ní bóyá mo lè máa bá àwọn ṣe káàdì ìkésíni. Mo dúpẹ́, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Awakọ̀ tó fi mí rẹ́rìn-ín náà ló wá mú ìròyìn wá. Ó ní alàgbà kan wà ní Kirikiri Lighter Terminal tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra báàjì mẹ́ta, àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ yẹn tó ń kó kọ̀ntéńà kúrò ní èbúté ńlá. Ọkùnrin náà ń wá ẹni tó máa ya lógò, tó máa kọ orúkọ sára báàjì, tó máa ṣe gbogbo ìwé rẹ̀. Kì í ṣe oníbàárà màdáàmù, kò sì rú àdéhùn kankan. Mo gbọ̀nà Kirikiri lọ.

Alàgbà náà jókòó sábẹ́ ìbòòji létí omi, ariwo kréènì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó júwe ohun tó fẹ́. Ó ní irú èyí tó wà lára tírélà àwọn kan báyìí báyìí ló wù òun. Iṣẹ́ mi ni. Mo gbé e mì bí ẹni gbé òògùn kíkorò mì. Ó wá béèrè iye tí màá gbà.

Mo fún un ní iye tí mo máa ń gbà lọ́wọ́ màdáàmù. Mo tiẹ̀ fi díẹ̀ lé e, mo rò pé mo ti gbọ́n. Alàgbà náà wò mí láti òkè dé bàtà, ó ní, “Bàbá, iye yẹn ni?”

Mo rò pé ó ti pọ̀ jù fún un. Kíá ni mo sọ pé kó má dà á láàmú, a lè jọ sọ ọ́, mo sì bu díẹ̀ kúrò.

Ó dìde. Ó ní òun máa pè mí. Mo délé, mo fi fóònù síwájú, kò pè. Nígbà tó ṣe, awakọ̀ yẹn wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní alàgbà náà sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ọkùnrin kan wá, iye tó pè kò lè tó ọ̀dà àti wàhálà, pé irú wọn ló máa ń gba owó àkọ́kọ́ kí wọ́n tó sá, tàbí kí wọ́n ṣe ti báàjì kan kí wọ́n pa méjì tì. Alàgbà náà ti lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo àṣìṣe náà. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ bíi tèmi nìkan ló lè ṣe é. Iye inú ilé ni mo gbé lọ síta. Iye tí wọ́n ń san fún ọwọ́ nìkan ni mo pè fún odidi ènìyàn, tí màá sì lọ sí ìpàdé, tí màá dúró ti àwọn tó ń kun báàjì, tí màá tún un yà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yí. Bó bá ti gbà pẹ̀lú mi, gbèsè ni ǹ bá fi parí iṣẹ́ náà.

Ìyàwó mi ń gé ẹ̀fọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ó béèrè pé, “Èló ni màdáàmù máa ń gbà lọ́wọ́ wọn?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. “Látọjọ́ yìí?”

Mo ní kì í ṣe ìwà mi láti máa yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ní kí n lọ béèrè kí obìnrin náà tó wọ bàlúù. Mo ní èmi kì í bẹ ènìyàn. Ó ní, “Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bẹ ẹnikẹ́ni, Dádì. Ẹ lọ béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́.”

Mo bá màdáàmù ní ọ́fíìsì rẹ̀, láàárín àwọn páálí tó ń di ẹrù sí. Ó ti ká gbogbo nǹkan orí ògiri, tábìlì kan ṣoṣo ló kù. Mo jókòó, mo sọ ìtàn báàjì fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sì béèrè. Kò fi falẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí mi. Ìwé owó tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà fún iṣẹ́ tírélà ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tó kàn mí.

Orí mi gbóná. Mo di etí tábìlì mú. Ó rí i.

Ó ní kí n fara balẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya á sí wẹ́wẹ́. Èyí ni ìjọba yọ kí wọ́n tó sanwó fún òun. Èyí ni owó ilé yìí àti dísù jẹnẹrétọ̀. Èyí ni àwọn ìpàdé tí òun lọ, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n dá padà tí òun ò jẹ́ kó dé etí mi. Oníbàárà yìí fi oṣù mẹ́rin jáfara kó tó sanwó. Ó wá tọ́ka sí òmíràn, ó ní ẹni yìí ò san rárá títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo rántí iṣẹ́ náà. Mo ti gba tèmi. Mo béèrè pé níbo ni ó ti rí èyí tó fún mi.

“Nínú owó ara mi ni,” ló wí. “Ẹ ti ṣiṣẹ́ yín.”

Ìbínú mi ò wá rí ibi jókòó sí mọ́. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ohun tó tún sọ. Ó ní, “Ká sòótọ́, ẹ̀gbọ́n, mo lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí ọdún mélòó kan, mo lè san tó ìdajì ohun tí mò ń gbà. Ẹ ò béèrè rí ni. Mo rò pé ó tẹ́ yín lọ́rùn.”

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó gbé mi wá gan-an: ṣé mo lè máa fi àwọn iṣẹ́ náà han èèyàn? Ó ní kì í ṣe tòun láti yọ̀ǹda, àwọn oníbàárà ló ni wọ́n, àmọ́ òun máa béèrè lọ́wọ́ wọn kí òun tó lọ. Ó bi mẹ́ta léèrè. Méjì gbà pé mo lè fi han ẹni tó bá jókòó síwájú mi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta kọ̀ jálẹ̀. Màdáàmù tún sọ fún àwọn ará Ìsálẹ̀ Èkó náà pé ẹni tó wà nídìí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n gbà yẹn wà l'Ajégúnlẹ̀, ó fún wọn ní nọ́ńbà mi. Ó ní bí wọ́n bá pè, kí n má fẹnu kan iye àtijọ́.

Wọ́n pè. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ ló pè mí, òun ló ń bójú tó iṣẹ́ fún wọn. Ó ní alàgbà kan ní Kirikiri fún àwọn ní iṣẹ́ báàjì mẹ́ta, nítorí ó fẹ́ràn tírélà báyìí báyìí. Àwọn tó ń yàwòrán fún wọn mọ iṣẹ́, àmọ́ wọn ò ṣe ara ọkọ̀ omi rí. Lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ni o. Ó béèrè iye tí màá gbà.

Mo mọ ohun tí irú iṣẹ́ yẹn ń pa lóde báyìí. Mo sọ díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀, nítorí àwọn ló máa ru ìyókù. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ṣòro fún ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bíi tèmi. Mo ń wo ọmọńlé lórí ògiri títí obìnrin náà fi sọ̀rọ̀. Ó ní kò burú. Mo ní ìdajì owó kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò burú. Mo wá ní bí báàjì bá ti wọ omi, kí wọ́n jẹ́ kí n lè fi àwòrán rẹ̀ han ẹni tó bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní ìyẹn ò ṣeé ṣe. Wọn kì í ṣe é. Mo ní kò ní dé orí fóònù ẹnikẹ́ni. Ó ní òun máa bá ọ̀gá òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má fọkàn sí i, pé àwọn mìíràn wà tó lè ṣe iṣẹ́ náà.

Mo ní kí wọ́n lọ bá wọn nígbà náà, mo sì pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ipò tí mo wà. Onílé ṣọ́ọ̀bù ti wá béèrè owó lẹ́ẹ̀kan. Kò sí iṣẹ́ kankan lórí tábìlì àfi àwòrán ìsìnkú kan. Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó kàn ń ká aṣọ àwọn ọmọ wa. Ọjọ́ kejì, fóònù dákẹ́. Mo gbé e, mo fẹ́ pe obìnrin náà pé kí wọ́n jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àwòrán. Mo gbé e sílẹ̀. Mo tún gbé e. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó jókòó lé e lórí. Ó ní, “Ẹ lọ jẹun.”

Abẹ́ ìdí rẹ̀ ni fóònù náà ti dún. Ọ̀gá wọn gbà, tó bá ti di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí báàjì wọ omi, àti pé ojú ṣọ́ọ̀bù nìkan. Mo ní ó dára. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí mi. Ìyàwó mi ló ń jó.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, mo ti padà lọ bá ilé-iṣẹ́ tí mo lé dànù nígbà kan, mo fi àwòrán méjì tí wọ́n gbà mí láyè lé lórí han wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa kó tó fún mi níṣẹ́, ó ní ṣé ọwọ́ mi ò dí mọ́. Mo gbà á. Mi ò tún jẹ́ kí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan gba gbogbo ọ̀sẹ̀ mi mọ́, bó ti wù kó dùn tó.

Ọjọ́ tá a lọ wọn báàjì ní Kirikiri, obìnrin olóhùn rírọ̀ náà fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ó fi mí han alàgbà náà pé mo wà lára àwọn àgbà nínú yàrá iṣẹ́ wọn. Alàgbà náà bọ̀ mí lọ́wọ́, kò wá fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi.

Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wá síbí níjọ́sí?”

Obìnrin náà yíjú sí mi kíá. Mo mọ ohun tó ń rò. Ẹnu mi lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀, ó sì lè kó iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, “Èmi ni, sà. Ibi tó yẹ kí n wà ni mo wà báyìí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín títí tí ó fi húkọ́. Ó ní, “Iye ọjọ́sí yẹn, Bàbá, ẹ̀rù ló bà mí o. Bí mo bá bi yín lónìí ńkọ́, èló ni?”

Mo ní, “Ẹ bi màdáàmù tó wà níbí yìí, sà. Ọ̀rọ̀ owó kò sí lẹ́nu mi níbí.”

Mo rí èjìká obìnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀. Mo fún ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ báàjì ní etí okùn ìwọ̀n kó dì í mú, mo ní kó rìn lọ títí dé iwájú ọkọ̀, kó má sì jẹ́ kó dẹ̀.